Oṣù Mẹ́tàdínlógún Pẹ̀lú Alágbàtà Iṣẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Àtijọ́ níbí ní Lọ́kọ́ja, ibi tí gbogbo ayé ń pè ní Oódù Mákẹ́ẹ̀tì. Nínú àwa méjèèjì, ọkọ ló ń jókòó ti aṣọ, torí bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá síbí wá tajà. Ìyàwó jẹ́ ọmọ Kábà, ó sì kọ́ iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní Pólì Lọ́kọ́ja. Láti ìgbà tí ìyàwó ti ríṣẹ́ ni àwọn èèyàn ti ń bi wá pé, "Ẹ fún wa ní nọ́ńbà obìnrin Èkó yẹn." A ò lè pín nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni káàkiri. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ṣe é. Nọ́ńbà yẹn wà lọ́wọ́ wa fún oṣù mẹ́tàdínlógún kí iṣẹ́ tó dé, a sì fi èyí tó pọ̀ nínú oṣù àkọ́kọ́ ṣòfò.

Oṣù kejì ọdún 2022 ni kọ́ńtíráàtì ìyàwó parí níbi iṣẹ́ kan, wọn ò sì tún un ṣe. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, méjì ń san owó ilé-ìwé, ọjà aṣọ sì ti dẹ́rù látìgbà tí owó ọkọ̀ ẹrù ti gòkè. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Èkó ló so wá pọ̀ mọ́ obìnrin yìí, tó ń bá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́. Ó pè wá lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè irú àyẹ̀wò tí ìyàwó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀rọ tó lè lò, ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀, ìlú tó lè gbé, bóyá ó lè ṣiṣẹ́ òru, àti iye owó oṣù tó kéré jù tó lè gbà. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mi ò ní àyè kankan báyìí tó bá yín mu, mà. Mo ti fi yín sínú ìwé mi. Ẹ máa kàn sí mi."

Àwa gbọ́ "ẹ máa kàn sí mi" yẹn bí ìgbà tí oníbàárà bá yẹ aṣọ wò tán tó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà mọ ohun tí "mò ń bọ̀" túmọ̀ sí. Síbẹ̀ a ò ní ibòmíì tá a lè gbẹ́kẹ̀ lé, la bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lórí Wasáàpù ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan kan ti wà?" Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì pé kò tíì sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn máa ń kà á ni, kò ní fèsì. Ọkọ bínú, ó ní obìnrin náà gbéra ga. Ìyàwó ní ká rọra.

Àlàájì kan tó jẹ́ dìlálì ní ìsọ̀ àgbàdo ló là wá lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ìlú Hausa rí, dìlálì yìí ni àwa ń pè ní alágbàtà: kì í ṣe òun ló ni ọjà, kì í ṣe òun ló fẹ́ rà á, àárín ló wà, làádà ló sì ń jẹ. Ọkọ ń ṣàròyé fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọjà dá. Bàbá yìí kàn béèrè pé, "Ọmọ mi, ta ló ń san làádà obìnrin yẹn?" A ní iléeṣẹ́ tó bá gba òṣìṣẹ́ ni. Ó ní, "Iléeṣẹ́ ló ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìyàwó rẹ ni àpò àgbàdo." Ó rẹ́rìn-ín títí, àwa náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. A ti ń fi ọkàn pè é ní ẹni tó ń bá wa wáṣẹ́. Kò bá wa wáṣẹ́ rí. Ó ń bá iléeṣẹ́ wá èèyàn ni, iléeṣẹ́ ló sì ń sanwó fún un nígbà tí ẹni náà bá wọlé. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú owó tí òṣìṣẹ́ náà máa gbà lọ́dún kan. Bí iléeṣẹ́ ò bá tíì ní kó wá ẹnikẹ́ni, kò sí ohun tó lè ṣe fún wa, bó ti wù kó fẹ́ràn wa tó. Ìbéèrè wa ọjọ́ Ajé ò fún un ní ohunkóhun tó lè lò. Ohun tó kù tó lè dáhùn ni "kò tíì sí", ó sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

A wá wo Àlàájì náà bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun mọ ẹni tó ní ogún àpò, ó mọ èyí tó ti gbẹ àti èyí tó ṣì tutù, ó mọ abúlé tí ọkọ̀ lè dé. Nígbà tí ẹni tó ń ra ọjà bá ti Onítṣà dé láàárọ̀, kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá a lójú ló ń lọ tààrà. Tó o bá sọ fún un lóṣù keje pé àgbàdo rẹ tutù, tí o ò sì padà wá sọ pé ó ti gbẹ, tútù náà lo ṣì jẹ́ lọ́kàn rẹ̀ títí ọjà á fi tán. Ibẹ̀ la ti rí iṣẹ́ tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí: kí ohun tó wà nípa wa lọ́wọ́ obìnrin náà máa jẹ́ òótọ́ ti òní, kó má ṣe jẹ́ ti oṣù kejì.

Àmọ́ kí òye yẹn tó yé wa dáadáa, a ti ṣe àṣìṣe tó dùn wá jù. Ẹ rántí pé oṣù kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù dí ìpè jíjáde lórí síìmù tí wọn ò tíì so mọ́ NIN. Síìmù ìyàwó wà lára wọn. Kàkà ká lọ tò sórí ìlà, a ra síìmù míì tí wọ́n ti so pọ̀, a sọ ti àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Gbogbo ẹbí la fún ní nọ́ńbà tuntun. A fún olùkọ́ ọmọ, a fún ìyá oníṣù. Obìnrin Èkó nìkan la gbàgbé. A sì ti dákẹ́ kíkí i ní gbogbo àkókò yẹn, torí inú ṣì ń bí wa.

Nígbà tá a pè é lóṣù kẹjọ pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Há, mà, ṣé ẹ wà láyé? Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kẹfà." Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu ti ń wá ẹni tó máa dúró fún obìnrin kan tó fẹ́ lọ bímọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Wọ́n ti gba ẹlòmíì. Oṣù mẹ́ta ò pọ̀, àmọ́ owó ilé-ìwé sáà kan gbáko ló wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ó dáa tó jẹ́ pé obìnrin náà ò pa fóònù. Ó fi nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé bó ṣe ń wá èèyàn fún wa, bóyá torí àánú wa ṣe é. Ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún síví ló wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn. Bí iléeṣẹ́ bá pè, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin lòun ń tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri, irú bíi `quality control chemist Kogi`. Kọ̀ǹpútà á kó àwọn tó ní ọ̀rọ̀ náà nínú síví wọn jáde, òun á sì ní kó fi àwọn tí wọ́n tún ìwé wọn ṣe láìpẹ́ síwájú. Ogún àkọ́kọ́ lòun ń kà dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn lòun ń gbé fóònù. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ò bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun ń kọjá sí ẹni tó tẹ̀ lé e, torí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni iléeṣẹ́ sábà máa ń fún òun láti mú orúkọ mẹ́ta wá.

A ṣí síví wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Orúkọ fáìlì náà ni `CV_new_final2.doc`, ẹ fojú inú wo ìyẹn láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí ìyàwó pe ara rẹ̀ ni `Laboratory Technologist`, bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà `quality control` ò sí níbẹ̀ níbì kankan, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́rin nìyẹn: ó ń bu omi, ó ń wọn ìkan rẹ̀, ó ń wo líle omi, ó ń kọ èsì sílẹ̀, ó sì ní àṣẹ láti dá omi tí kò dáa padà. Lọ́kọ́ja kò sí nínú àdírẹ́sì náà pẹ̀lú, Kábà ló wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ilé bàbá rẹ̀ látìgbà tó wà níléèwé. A tún gbogbo rẹ̀ kọ. A ò fi irọ́ kankan kún un. Orúkọ tí àwọn iléeṣẹ́ ń pe iṣẹ́ náà la lò, a sì kọ àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀. A fi orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ pe fáìlì náà.

Láti ìgbà náà la ti yí ọ̀nà ìkíni padà. A ra ìwé kékeré kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la fi sí àárín ìkíni kan sí èkejì. Ohun tá a sì fi ṣe òfin ni pé a ò ní kọ̀wé sí i àyàfi tí nǹkan kan bá wà nínú lẹ́tà náà tó lè yí ohun tó kọ nípa wa padà. Ó lè jẹ́ ohun tuntun tí ìyàwó kọ́, tàbí ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀, tàbí iye owó, tàbí ibi tó lè gbé. Nígbà míì ó lè jẹ́ ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè lò, bíi pé a mọ ẹnì kan tó bá àyè tó ń wá èèyàn sí mu. Ẹ̀ẹ̀kan la ṣe ìyẹn. Ó ń wá ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ẹ̀rọ, a fi ọmọ àdúgbò wa kan hàn án, wọ́n sì gbà á. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe ìyàwó ní "Àǹtí mi".

Ìkún omi ọdún 2022 ló fún wa ní lẹ́tà tó dáa jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun rí i nínú fọ́nrán, àwa wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, omi gba títì Lọ́kọ́ja sí Àbújá lọ́nà Koton-Karfe, àwọn ọkọ̀ ńlá tò síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi gba ọ̀nà Ganaja náà, tí a ń gbà lọ sí Àjàòkúta. Ẹni tó bá wà ní Èkó tó ń gbọ́ ìròyìn á rò pé kò sẹ́ni tó lè ti Lọ́kọ́ja lọ síbi iṣẹ́ kankan. A wá kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàsán mà, ẹ kú iṣẹ́. Ilé wa ò sí lára ibi tí omi gbà, a sì wà lálàáfíà. Ọ̀nà tó lọ sí Obajana àti Kábà ò kọjá ibi omi, mo lè dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Nọ́ńbà yìí náà ni mo ṣì ń lò. Mo lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò retí èsì mà, mo kàn fẹ́ kí ó wà nínú ìwé yín."

Ó fèsì láàárín wákàtí kan: "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ṣeun." Gbólóhùn "mi ò retí èsì" yẹn, ìyàwó ló mú un wá. Ọkọ ní ó dà bí ẹni tí kò fẹ́ iṣẹ́. Àmọ́ nígbà tá a kíyè sí i, àtìgbà tá a ti ń kọ ọ́ ló ti ń fèsì, nítorí kì í ṣe gbèsè fún un mọ́ láti dá wa lóhùn.

Ó tún fèsì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní òpin oṣù kọkànlá. Ó ní iṣẹ́ simẹ́ǹtì wà níwájú níhà tiwa, kò sì mọ ìgbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gba èèyàn síbẹ̀ ń béèrè ẹni tó ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ẹ́ksíréè wo èròjà inú òkúta. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Ní iléeṣẹ́ simẹ́ǹtì, òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ pọ̀ kí wọ́n tó sun ún nínú iná ààrò ńlá. Bí ẹfun bá pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, simẹ́ǹtì tó máa jáde ò ní dáa. Nítorí náà, wọ́n máa ń bu lẹ́búlẹ́bú náà léraléra tọ̀sán-tòru, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sọ iye ẹfun tó wà níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàwó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìkán oògùn tó ń ro tó-tó-tó wá iye ẹfun lọ́nà àtijọ́. Ẹ̀rọ yìí ni kò fọwọ́ kàn rí.

Ìyẹn ni "mi ò ní àyè tó bá yín mu" túmọ̀ sí látìbẹ̀rẹ̀, tí a ò béèrè. Ká ní a ti bi í lóṣù kejì pé, "Mà, tí àyè bá yọ, kí ni wọ́n máa fẹ́ tí mi ò ní?" à bá ti mọ̀ ní oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú. Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn o.

A ò kọ̀wé lóṣù kejìlá. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń bá ṣe ń ti ìwé owó wọn pa nígbà náà, àti pé ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí owó ọdún tuntun tán ni wọ́n ń ṣí àyè. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ìyàwó rí ilé àyẹ̀wò kan tó gbà kó wá kọ́ ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rántí oṣù yẹn, oṣù tí owó náírà di góòlù. Ọjà aṣọ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ní owó lọ́wọ́ láti fi rà á. A fi tiransífà san owó ẹ̀kọ́ náà, ó gba ọjọ́ mẹ́rin kó tó wọlé, ìyàwó sì jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Bó ṣe kọ́ ọ tán la kọ̀wé sí Èkó. A kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: ọ̀sẹ̀ méjì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ lẹ́búlẹ́bú náà àti bí wọ́n ṣe ń ka èsì, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ náà ṣe tó bá ṣì. Ọkọ fẹ́ ká yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn kúrò. Ẹ máa rí ibi tó wúlò.

Àṣìṣe kejì ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹta. Ẹ̀rù ti ń bà wá pé ẹnì kan ṣoṣo la gbára lé. A fi síví náà ránṣẹ́ sí ọkùnrin kan tó ní òun mọ àwọn ọ̀gá. Kò pẹ́ tó ní ká wá san owó fọ́ọ̀mù. A ò san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí: òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá ń kó òṣìṣẹ́ jọ fún àwọn ẹlòmíì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Àdéhùn kọkànlélọ́gọ́sàn-án ti àjọ iṣẹ́ àgbáyé, ti ọdún 1997, sì ní kí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ má gba owó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀yin ará wa ní Bìrìtéènì, òfin tiyín ti ọdún 1973 náà kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín torí pé ó ń bá yín wáṣẹ́.

A rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti parí nígbà tá ò sanwó. Kò parí. Ó ti fi síví wa ránṣẹ́ káàkiri láìsọ fún wa. Lọ́sẹ̀ kẹta, obìnrin Èkó fi ìwé wa síwájú iléeṣẹ́ kan, wọ́n ní ìwé yìí ti dé ọ̀dọ̀ àwọn láti ọwọ́ ẹlòmíì, àwọn ò fẹ́ wàhálà. Wàhálà làádà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi òṣìṣẹ́ hàn ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ sí làádà fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, bí àdéhùn bá ṣe rí. Bí alágbàtà méjì bá mú ẹnì kan ṣoṣo wá, iléeṣẹ́ mọ̀ pé ìjà ń bọ̀, ó sì rọrùn fún wọn láti mú ẹlòmíì tí kò ní ìjà nínú. Àlàájì wa ní ìsọ̀ àgbàdo ní àwọn náà kì í ra àpò tí dìlálì méjì bá dì mú.

Inú bí obìnrin Èkó, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ìyàwó pè é, kò kọ lẹ́tà. Ó jẹ́wọ́ ohun tá a ṣe, ó tọrọ àforíjì, ó sì bi í pé báwo ni ká ṣe ṣe é lọ́jọ́ iwájú. Ó ní kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ní alágbàtà méjì tàbí mẹ́ta. Ohun tóun ń fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má fi síví ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kankan láìkọ́kọ́ dárúkọ iléeṣẹ́ náà fún wa, ká sì dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" ní kíkọ. Láti ọjọ́ náà la ti fa ìlà sínú ìwé kékeré wa: orúkọ iléeṣẹ́, ọjọ́, ẹni tó mú wa lọ. A kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn náà pé kó pa síví wa rẹ́. Ìgbà tí a wá gbọ́ lóṣù kẹfà pé wọ́n ti fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023, a tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú orúkọ òfin náà nínú rẹ̀. Ó fèsì lọ́tẹ̀ yìí.

Ohun tó kù díẹ̀ kó tún bà á jẹ́ ni iye owó. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ìrànwọ́ orí epo kúrò, epo tó ń lọ lábẹ́ igba náírà bọ́ sí nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Iye owó oṣù tó kéré jù tá a sọ fún obìnrin Èkó wà nínú ìwé rẹ̀ látoṣù kejì ọdún 2022. Ká ní ó fi iye yẹn bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀, ọkọ̀ lílọ bíbọ̀ á gbé ìdajì rẹ̀ lọ. A jókòó, a ṣírò owó ọkọ̀ fún ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, a yọ ọ́ kúrò, a wo ohun tó kù. A wá kọ iye tuntun ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìṣirò náà, ká má bàa dà bí ẹni tó kàn gbówó lérí. A tún ní bí iléeṣẹ́ bá ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́, iye ti tẹ́lẹ̀ ṣì dúró. Ó ní àwọn mélòó kan tóun ti fi síwájú iléeṣẹ́ ló ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbà wọ́n tán, torí owó ọkọ̀, ojú sì ti òun.

Àárín oṣù keje ni ìpè dé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ní ṣíìfù, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wà, kọ́ńtíráàtì ọdún kan. Obìnrin Èkó dárúkọ iléeṣẹ́ náà, a wo ìwé kékeré wa, kò sẹ́ni tó tíì mú wa débẹ̀, a kọ "bẹ́ẹ̀ ni" ránṣẹ́. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò mú ìyàwó lọ síwájú ẹ̀rọ náà, ó ní kí ló máa ṣe tí èsì bá ń fò sókè sódò láìnídìí. Ìyàwó ní òun á kọ́kọ́ tún lẹ́búlẹ́bú náà tẹ̀, òun á fi èyí tí wọ́n ti mọ èsì rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, tó bá ṣì ń fò, òun á pe ẹni tó ń tún un ṣe torí òun ò tíì mọ ìyẹn. Ọ̀gá ní, "Ohun tí wọ́n kọ nípa yín náà nìyẹn." Síbẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n mú. Ó ti ṣiṣẹ́ simẹ́ǹtì rí.

A kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin Èkó, a ní ìyàwó ṣì wà lómìnira. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, ẹni àkọ́kọ́ yẹn rí iṣẹ́ míì, wọ́n sì padà pe ìyàwó.

Gbogbo alágbàtà kọ́ ló rí báyìí, àwa náà ti pàdánù àkókò lọ́dọ̀ àwọn méjì míì. Ohun tó fi hàn wá pé kò sí nǹkan lọ́dọ̀ wọn ni pé wọn ò bi wá ní ìbéèrè kankan. Ẹni tí kò mọ iye tó o lè gbà àti ìgbà tó o lè bẹ̀rẹ̀ ò lè tà ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìkejì sì ti kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù márùn-ún, àwa sì ń kọ̀wé sí nọ́ńbà ọ́fíìsì. Ìwé wa ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ wá ni kò sí mọ́. A bá ní kí wọ́n sọ ẹni tó gba ipò rẹ̀ fún wa, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bá a ṣe ń kọ èyí, ìyàwó wà ní ṣíìfù òru, ọkọ ló ń tẹ̀ ẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù kí ọjà tó kún. Kọ́ńtíráàtì náà ní òpin, nítorí náà ìwé kékeré náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí owó. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa kọ̀wé sí Èkó. Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ti fi ìyàwó sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀.